Mẹ́séèjì àyájọ́ ìgbéyàwó lédè Ítálì fún ìyàwó mi, mi ò fẹ́ kó pọ̀ jù

Àkàndé_Tọrínò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí nǹkan kan. Ìparí oṣù kẹwàá tó ń bọ̀ yìí ni èmi àti ìyàwó mi máa pé ọdún mẹ́wàá tá a ti ṣègbéyàwó. Ọmọ Ítálì ni, ọmọ Tọrínò níbí gan-an, ará ilé tí wọn kì í pariwo ìfẹ́. Tó bá fẹ́ràn ẹ, ó máa lọ bá ẹ ra táyà tuntun kó tó di pé òtútù dé, kò sì ní sọ pé òun ra nǹkan kan, wàá kàn dédé rí i lábẹ́ mọ́tò ni. Èdè Ítálì la máa ń sọ nílé. Yorùbá tó gbọ́ ò ju "ẹ káàárọ̀" àti "wá jẹun" àti gbogbo èébú tí mo máa ń bú àwọn awakọ̀.

Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi kọ káàdì fún un. Ítálì tí mo gbọ́ tó mi í ṣiṣẹ́, wíáháùsì ni mo wà, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì máa ń ṣe jù, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé èdè tá a fi ń sọ pé "gbé páálí yẹn síbí" yàtọ̀ sí èdè tá a fi ń bá ìyàwó ẹni sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Mo wo orí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo mú díẹ̀ níbí mú díẹ̀ lọ́hùn-ún, ohun tó jáde nìyí:

> Mia cara moglie, regina del mio cuore e luce dei miei occhi, quando ti vidi per la prima volta capii che eri un angelo. In questo giorno speciale ringrazio Dio onnipotente per averti donata a me. Senza di te sono niente. Ti amerò finché morte non ci separi. Tanti auguri di buon anniversario.

Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé, ìyàwó mi ọ̀wọ́n, ayaba ọkàn mi, ìmọ́lẹ̀ ojú mi, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ẹ ni mo ti mọ̀ pé áńgẹ́lì ni ẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olódùmarè tó fi ẹ́ fún mi, láìsí ìwọ mi ò já mọ́ nǹkan kan, màá fẹ́ ẹ títí ikú á fi yà wá, kú àyájọ́.

Tí mo bá kà á lédè wa ó dùn mọ́ mi. Tí mo bá kà á ní Ítálì, ojú ń tì mí, mi ò sì mọ ibi tó ti bà jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ wò ó.

Bàbá_Ìbejì_Pẹ́kámù

Ẹ kú oríire o, ọdún mẹ́wàá kì í ṣe kékeré, ọmọ á máa wá, owó á máa wá. Èmi ò rí ohun tó burú nínú ẹ̀, àdúrà ló kù díẹ̀ káàtó, ẹ fi Sáàmù kan sí i kó lè wúwo. Àmọ́ obìnrin kì í jẹ lẹ́tà o, kí lẹ máa fi lé e lọ́wọ́? Nígbà tí mo wá sí Mìlánò lọ́dún kan, àsìkò yẹn náà ni, ìparí oṣù kẹwàá, mo rí àwọn òdòdó ńlá aláwọ̀ yẹ́lò kan tí wọ́n kó síwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tóbi, wọ́n tún pọ́ọ́kú. Ẹ ra ìkòkò méjì nínú ẹ̀, ẹ ki káàdì yẹn sáàárín, ẹ ti parí.

Sísí_Nápólì

Háà! Bàbá Ìbejì, ẹ má pa ọmọ ọlọ́mọ! Òdòdó yẹn, crisantemi ni wọ́n ń pè é. Itẹ́ òkú ni wọ́n ń gbé e lọ ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, ìdí tó fi kún iwájú ṣọ́ọ̀bù lásìkò yẹn nìyẹn. Tí Àkàndé bá gbé e wọlé fún ìyàwó ẹ̀, ìyá ìyàwó á sunkún. Róòsì ni kó rà, tàbí kó má ra òdòdó rárá.

Lórí ọ̀rọ̀ káàdì yẹn, èmi ò rí i pé ó pọ̀ jù o. Ọmọ Nápólì ni ọkọ mi, tó bá kọ ìlà mẹ́ta péré sí mi ọjọ́ àyájọ́ wa, màá bi í pé kí ni mo ṣe. "Vita mia" ló ń pè mí, ìyẹn ni pé èmi ni ayé òun, ó sì máa ń pè é níwájú ẹran, níwájú ẹja, nínú ọjà. Ó lè pè mí bẹ́ẹ̀ kó tún máa bá mi jà lórí iyọ̀ nínú ọbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, mo rò pé kó fi "ti voglio bene" kún un. Níbí, ọ̀rọ̀ yẹn gbóná gan-an, kì í ṣe nǹkan ṣeréṣeré.

Ọmọ_Èkìtì

Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí, "ti voglio bene" kọ́! Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì. Àbúrò ẹni, ọ̀rẹ́ ẹni, ajá ẹni, àwọn nìyẹn ni "ti voglio bene" wà fún. Ìyàwó, "ti amo" ni, ìyẹn ni pé mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. Tó bá kọ èyí tẹ́ ẹ sọ yẹn, ìyàwó á rò pé ó ti sọ òun di àbúrò ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, gírámà yín dáa. "Vidi" àti "capii" yẹn, ìyẹn "mo rí" àti "mo mọ̀", ẹ má fọwọ́ kàn án o, torí pé nǹkan tó ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́tipẹ́ tó sì ti parí, passato remoto ló máa ń gbà, ọdún mẹ́wàá sì ti lé lórí ìgbà tẹ́ ẹ pàdé. Tíṣà wa tẹnu mọ́ ọn dáadáa, ìdánwò B1 ni mo fi yege. Ibi kan ṣoṣo tí mo rí ni "sono niente", "non sono niente" ló yẹ kó jẹ́, torí tí niente bá wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣe, non gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Màmá_Bolónyà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo yín. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe ògbufọ̀ níbí, kọ́ọ̀tù, ọsibítù, ilé ìgbìmọ̀ ìlú, mo sì ti ka oríṣiríṣi lẹ́tà ọkọ sí aya, àwọn mìíràn ní kọ́ọ̀tù ni mo ti kà á, ẹ má bi mí.

Ọmọ Èkìtì, "non sono niente" tó o sọ yẹn, o gbà á. Èyí tó kù ni mo fẹ́ fà létí díẹ̀. Ohun tí tíṣà kọ́ ẹ nípa "vidi" kì í ṣe irọ́, bí ìwé ṣe wí nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì ní Tọrínò, kó o gbọ́ bóyá ẹnì kan á sọ "vidi". Wọ́n á sọ pé "ho visto", kódà tó bá jẹ́ ohun tí bàbá bàbá wọn rí ni. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní Sísílì, ni wàá ti gbọ́ passato remoto lẹ́nu èèyàn bó ṣe ń ra ẹja. Ìyàwó Àkàndé ò tíì gbọ́ "vidi" lẹ́nu ọkọ ẹ̀ rí láti ọdún mẹ́wàá. Tó bá bá a nínú káàdì, á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹlòmíì ló kọ ọ́. "La prima volta che ti ho vista" ni kó kọ, bó ṣe máa sọ ọ́ nílé.

"Ti voglio bene" náà, ẹ̀yin méjèèjì lẹ gbà á ní ìlàjì. Tọkọtaya máa ń sọ ọ́ fún ara wọn, ó tilẹ̀ máa ń jinlẹ̀ láàárín àwọn tó ti pẹ́ pọ̀, torí ó ń sọ pé ire ẹ ni mò ń fẹ́. Ohun tí mi ò ní gbà ni pé kó wà nínú káàdì àyájọ́ kí "ti amo" má sì sí níbẹ̀. Ìyẹn nìkan ló lè jẹ́ kí obìnrin jókòó kó máa rò ó.

Ó wá ku káàdì fúnra ẹ̀. Àkàndé ọmọ mi, ìdí tójú fi ń tì ẹ́ ni pé kò sí ìwọ nínú ẹ̀, kò sì sí ìyàwó ẹ níbẹ̀. Ayaba, ìmọ́lẹ̀ ojú, áńgẹ́lì, ẹnikẹ́ni lè fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Ítálì mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn látìgbà èwe, torí ṣokoléètì Baci tí wọ́n ti ń ṣe ní Perúgíà láti ọdún 1922 máa ń ní bébà pẹlẹbẹ kan nínú tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí, wọ́n á tú u, wọ́n á kà á, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì sọ bébà nù. Ibẹ̀ lọkàn ìyàwó ẹ máa lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "finché morte non ci separi". Ẹ̀yin rò pé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni, àbí? Kò sí nínú ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó Kátólíìkì tí wọ́n ń jẹ́ níbí. Ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni "tutti i giorni della mia vita", gbogbo ọjọ́ ayé mi. Ti ikú yẹn, inú sinimá Amẹ́ríkà tí wọ́n túmọ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù. "Tanti auguri" náà, kò ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ ń kí ẹ, torí àyájọ́ yìí tìẹ náà ni. "Buon anniversario" ti tó, tàbí "auguri a noi", ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ kí ara yín, tó o bá fẹ́ kó ní ẹ̀rín díẹ̀.

Kí n tó sọ púpọ̀, dá mi lóhùn nǹkan méjì. Ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ti ṣe é ni, àbí municipio, ilé ìgbìmọ̀ ìlú? Ìkejì, sọ nǹkan kan fún mi tí ìyàwó ẹ ṣe fún ẹ tó o ò tíì gbàgbé. Kì í ṣe ìwà ẹ̀ ni mo bi ẹ́ o, nǹkan tó ṣe.

Àkàndé_Tọrínò

Ẹ ṣé gan-an mà. Ọ̀rọ̀ bébà ṣokoléètì yẹn gún mi lọ́kàn, torí òun fúnra ẹ̀ máa ń ka ti inú Baci fún mi pẹ̀lú ohùn apanilẹ́rìn-ín.

Municipio la ti ṣe é. Ìyàwó mi kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ti èmi náà sì ti di ọdún Kérésì nìkan, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ọkùnrin kan ló so wá pọ̀, ó so ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta ti ìjọba kọ́ àyà, ó ń ka òfin lọ, èmi ń mi orí. Kí n sọ òótọ́ fún yín, ìdajì ni mo gbọ́.

Nǹkan tó ṣe? Wọ́n pọ̀ mà. Èyí tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi ni alẹ́ kan tí yìnyín bọ́ gan-an, mo ṣíwọ́ ní nǹkan bí aago méjì òru, kò sí bọ́ọ̀sì, mo fẹ́ máa fẹsẹ̀ rìn. Mi ò pè é torí mo mọ̀ pé ó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Mo jáde ní géètì wíáháùsì, mo rí mọ́tò wa níbẹ̀ tó tanná. Pìjámà ló wọ̀, ó da kóòtù lé e. Mo wọlé, kò sọ nǹkan kan, kò ní "o ṣé" kò ní "kú otútù", ó kàn tan hítà, ó yí i sápá ọ̀dọ̀ mi, ó ń wakọ̀ lọ. Títí dòní a ò tíì sọ ọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Sísí_Nápólì

Ó ti tó. Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ìyẹn ju "vita mia" lọ, jẹ́ kí n lọ bi tèmi pé ìgbà wo ló wọ pìjámà wá gbé mi rí.

Màmá_Bolónyà

Ìdajì lo gbọ́! Tí ẹni tó so yín pọ̀ bá mọ̀ ni, wọn ì bá ti dá ìgbéyàwó dúró kí wọ́n wá ògbufọ̀, iṣẹ́ mi nìyẹn, ẹ fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mi.

Àmọ́ tẹ́tí sí mi, torí ìdajì tó o ò gbọ́ yẹn lẹ̀bùn wà. Ní gbogbo municipio ní Ítálì, kí wọ́n tó bi yín pé ṣé ẹ gbà láti fẹ́ ara yín, wọ́n gbọ́dọ̀ ka ẹsẹ òfin mẹ́ta sí yín létí láti inú Codice civile, ẹsẹ 143, 144 àti 147. Ẹsẹ 143 ló sọ gbèsè tí tọkọtaya jẹ ara wọn. Ó ní ìṣòótọ́, ó ní kí ẹ jọ máa gbé, ó ní kí ẹ máa fọwọ́ sowọ́ pọ̀ nítorí ìdílé, ó sì ní "assistenza morale e materiale", ìyẹn ni pé kí ẹ máa ran ara yín lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọkàn àti nínú nǹkan tá a lè fojú rí. Ọ̀rọ̀ lọ́yà ni, ó gbẹ bí igi. Kò sí ẹni tó ń fi kọ lẹ́tà ìfẹ́.

Ìdí tó fi máa dùn nìyẹn. Ìyàwó ẹ wà níbẹ̀, ó gbọ́ ọ, gbogbo ẹni tó bá ṣe municipio ló gbọ́ ọ. Tó o bá wá mú ọ̀rọ̀ gbígbẹ yẹn, tó o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ yìnyín àti pìjámà àti hítà, ọ̀rọ̀ á ti parí. O ò ní ní láti pè é ní áńgẹ́lì. Á rẹ́rìn-ín lórí òfin, lẹ́yìn náà á dé orí pìjámà, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò kàn wá.

Má sọ fún un pé kí ni alẹ́ yẹn túmọ̀ sí o. Sọ ohun tó ṣe, kó o dúró. Ẹni tí kì í pariwo ìfẹ́, tó o bá yìn ín púpọ̀, ara á máa ni í, á máa wá ọ̀nà tó máa gbà dá ọ̀rọ̀ sí àwàdà. Tó o bá kàn jẹ́ kó mọ̀ pé o rí i, pé o ò gbàgbé, ìyẹn ló máa wọ̀ ọ́ lára. Lọ kọ ọ́ wá.

Adé_Pádófà

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ṣé mo lè fi ti ẹ̀gbọ́n yìí ránṣẹ́ sí gẹ̀lì mi? Oṣù mẹ́ta la ti wà pọ̀. Màá kàn yọ ọdún mẹ́wàá kúrò.

Màmá_Bolónyà

Wàá yọ ọdún mẹ́wàá, wàá yọ municipio, wàá yọ yìnyín, kí ló máa kù? Ra píísà fún un.

Àkàndé_Tọrínò

Mo jókòó tì í lẹ́nu bréèkì lálẹ́ àná. Ẹ wò ó:

> Amore mio dieci anni fa al municipio ho capito solo metà delle parole. Poi ho capito «assistenza morale e materiale» la notte che sei venuta a prendermi al magazzino con la neve, il cappotto sopra il pigiama. Non hai detto niente, hai acceso il riscaldamento e basta. Questo e il vero amore che non finisce mai, e io sono l'uomo più fortunato del mondo. Ti amo. Buon anniversario.

Mo sọ pé, olólùfẹ́ mi, lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ní municipio, ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo gbọ́. Ìgbà tí mo tó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ òfin yẹn ni alẹ́ tó o wá gbé mi ní wíáháùsì nínú yìnyín, kóòtù lórí pìjámà. O ò sọ nǹkan kan, o kàn tan hítà. Ìfẹ́ tòótọ́ tí kò lópin nìyí, èmi sì ni ọkùnrin tó ṣe oríire jù láyé.

Ọmọ_Èkìtì

Ẹ̀gbọ́n, èyí yàtọ̀! Ṣùgbọ́n ẹ fi àmì sórí "e" ní "questo è", láìsí àmì "àti" ló ń jẹ́.

Màmá_Bolónyà

Ó ríran. Ní báyìí, ìwọ lò ń sọ̀rọ̀, mo ti gbọ́ ohùn ẹ.

Gbólóhùn tí àmì yẹn wà nínú ẹ̀, yọ gbogbo ẹ̀ kúrò, wàhálà àmì á tán. "Vero amore che non finisce mai" àti "l'uomo più fortunato del mondo", bébà ṣokoléètì tún ti padà dé. O ti tan hítà fún un tán, o tún wá ń ṣàlàyé pé hítà gbóná. Gbogbo èèyàn tí mo bá tún lẹ́tà ṣe, ibẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rù máa ń bà wọ́n, wọ́n á rò pé òótọ́ tí àwọn sọ ò tó, wọ́n á bá lọ yá ọ̀rọ̀ ńlá wá fi tì í lẹ́yìn.

Nǹkan kéékèèké tó kù: "in municipio" ni wọ́n máa ń sọ jù tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, "al municipio" dà bí ẹni tó lọ gba ìwé. "Sì e no metà" máa ń jáde lẹ́nu wọn dáadáa ju "solo metà", ó ní ẹ̀rín díẹ̀ nínú, bí ẹni ń sọ pé bóyá ló tó ìdajì. Ẹ jọ̀ọ́, "sì" tí mo kọ yẹn kọ́, fóònù mi ló yí àmì ẹ̀ padà sí ti Yorùbá. Èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí ni kó o wò. Lẹ́yìn "Amore", fi kọ́mà, sọ̀kalẹ̀ sí ìlà tuntun, kó o fi lẹ́tà kékeré bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú lẹ́tà níbí nìyẹn. Mo tò ó báyìí:

> Amore,
> dieci anni fa, in municipio, ho capito sì e no metà delle parole. Che cosa vuol dire «assistenza morale e materiale» l'ho capito dopo, la notte in cui sei venuta a prendermi al magazzino con la neve, il cappotto sopra il pigiama. Non hai detto niente, hai acceso il riscaldamento e basta.
> Rifarei tutto.
> Buon anniversario.

"Rifarei tutto" ni pé tí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni màá tún ṣe. Ọ̀rọ̀ méjì péré, kò sí ariwo nínú ẹ̀.

Sísí_Nápólì

Màmá, ẹ ní "sì" kọ́, ẹ sì kọ "sì" sísàlẹ̀!

Màmá_Bolónyà

Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Ítálì náà nìyẹn, àmì tó ń lọ sísàlẹ̀. Ojú mi ló ń ṣe mí, mo rò pé fóònù ló yí i. Ó dáa bẹ́ẹ̀, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Sísí_Nápólì

Mo rí nǹkan míì o. "Ti amo" ti sọnù! Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé kó wà níbẹ̀, ẹ tún wá yọ ọ́.

Màmá_Bolónyà

Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. Ohun tí mo sọ ni pé "ti voglio bene" ò gbọ́dọ̀ gba ipò ẹ̀. Níbí, kò sí èyí tó gba ipò èyí, káàdì látòkè délẹ̀ ló ń sọ ọ́. Fún irú obìnrin tó ṣàpèjúwe yẹn, màá fi í sílẹ̀ kó lè fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ nígbà tó bá ń fún un ní káàdì.

Sísí_Nápólì

Èmi ò gbà. Ọdún mẹ́wàá! Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ló máa ń fẹ́ gbọ́ ọ jù. Ọ̀rọ̀ ẹnu á fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n káàdì, inú dúróà ló máa wà, á máa yọ ọ́ wò. Kó kọ "ti amo" síbẹ̀, ìyẹn ò ju lẹ́tà márùn-ún àti àlàfo kan lọ.

Ọmọ_Èkìtì

Mo wà lẹ́yìn àǹtí. Kó fi sí ìparí, lẹ́yìn "Rifarei tutto".

Bàbá_Ìbejì_Pẹ́kámù

Gbogbo ẹ̀ dáa, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ òdòdó yẹn, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé ọkùnrin Yorùbá á kọ káàdì ọdún mẹ́wàá kò ní sí ẹyọ àdúrà kan nínú ẹ̀? Kódà "kí Ọlọ́run jẹ́ ká dàgbà pọ̀"?

Màmá_Bolónyà

Bàbá, ibi tẹ́ ẹ ti gbà á gan-an nìyẹn. Kó kọ ọ́ ní Yorùbá, nísàlẹ̀ pátápátá, ìlà kan. Kò ní túmọ̀ ẹ̀. Ìyàwó á béèrè pé kí ló wí, á wá sọ ọ́ fún un. Àdúrà tá a bá fi Ítálì ṣe fún ẹni tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì máa ń dà bí ìwàásù, àmọ́ ìlà kan lédè ọkọ ẹ̀, ọkọ ẹ̀ náà nìyẹn.

Kó má kọ "tuo marito", ìyẹn "ọkọ ẹ", sísàlẹ̀ o, ó mọ ẹni tó fẹ́. Orúkọ tó ń pè é nílé ni kó kọ.

Àkàndé_Tọrínò

Ẹ ṣeun gbogbo yín, Ọlọ́run á tún ṣe. Mo ti ra káàdì, funfun báyìí, kò sí ọkàn pupa lórí ẹ̀, mo sì ti dà á kọ lórí bébà lásán kí n má bàa ṣì í kọ. Mo ti pinnu lórí Yorùbá, "ká dàgbà pọ̀" ni màá kọ. Ti "ti amo" yẹn ni mi ò tíì mọ̀, tí mo bá ka ọ̀rọ̀ àǹtí mo máa gbà, tí mo bá ka ti màmá mo tún máa gbà. Mo fi àlàfo ìlà kan sílẹ̀ lẹ́yìn "Rifarei tutto", mo máa mọ̀ tó bá di ọjọ́ náà.

Nǹkan kan ló kù tí mo fẹ́ bi yín. "Il cappotto sopra il pigiama", tí ìyá ẹ̀ bá kà á ńkọ́? Ó máa ń wá jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, wọ́n sì máa ń gbé káàdì sórí sẹ́ẹ̀fù.

Sísí_Nápólì

Kí ló fẹ́ ṣe ìyá ẹ̀? Ọmọ ẹ̀ ló jáde pẹ̀lú pìjámà nínú yìnyín láti lọ gbé ọkọ. Òun gan-an ló máa gbé káàdì yẹn kalẹ̀ fáwọn aládùúgbò.